Ẹ Fi Aláboyún Sílẹ̀, Ẹ Wá Wo Ínfọ́ísì

Kò sí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ èdè Sípáníìṣì tí wọn ò ní sọ ìtàn “embarazada” fún. Ọ̀rọ̀ náà jọ “embarrassed” ti Gẹ̀ẹ́sì bí ìbejì, àmọ́ aláboyún ló túmọ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ sọ pé ojú ń ti òun á wá sọ pé òun lóyún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á mú “preservativo” wá. Ẹ máa rò pé èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́ ni. Rárá o, kọ́ńdọ̀mù ni. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, ó parí.

A ò bá ẹ̀rín jà. Ohun tí à ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń to àwọn ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó fẹ́ fi èdè Sípáníìṣì ṣòwò. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ló máa ń wà lókè. Èyí tó ń jẹ owó èèyàn á wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ rárá. Ìtòsí yẹn ló kó wa sí wàhálà, a ò sì ní í panu mọ́ lórí ẹ̀.

Àwa pe irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rẹ́ ojú. Inú èdè Látìn ni Sípáníìṣì ti jáde. Gẹ̀ẹ́sì náà yá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ látinú Látìn, àgàgà gba ọwọ́ àwọn Faransé. Ọmọ ìyá kan náà wá lọ gbé ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ojú wọn ṣì jọra, ìwà wọn ti yàtọ̀. Àwa Yorùbá ò lè sọ pé irú ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń jáde lọ lára wa máa ń sọ pé “mò ń bọ̀”. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó, kẹ́ ẹ wá wò ó bó ṣe máa dúró tó ń wojú yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. Àwa mẹ́ta là ń bá iléeṣẹ́ kan dáhùn lẹ́tà. Páàtì ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń tà. Oníbàárà kan wà ní Mẹ́dẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ìlú tí iṣẹ́ aṣọ ti gbilẹ̀ gan-an. Ọjà tó rà jẹ́ 4,080 dọ́là. Ọwọ́ wa yọ̀, a kọ 4,800 sórí ínfọ́ísì. A tètè rí i, inú wa tiẹ̀ dùn pé a tètè rí i. La bá kọ ọ́ sí ọkùnrin náà lédè rẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀:

“Por favor cancele la factura 0117. Eventualmente le enviaremos otra.”

Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé ínfọ́ísì 0117. A máa fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín tó bá yá.” Ohun tí ọkùnrin náà kà ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ínfọ́ísì 0117. Ó ṣeé ṣe ká tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín.”

Ẹ ò rí nǹkan? Ní Kòlóńbíà, tó fi mọ́ Pérù àti Ṣílè, tí wọ́n bá ní kéèyàn “cancelar” ínfọ́ísì, kó sanwó ni wọ́n ń wí. Owó tí èèyàn san tán ti kúrò lọ́rùn ẹ̀, wọ́n ti pa gbèsè rẹ́, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀hún ti wá. “Eventualmente” náà ò sì túmọ̀ sí pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀ níkẹyìn bíi ti “eventually”. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tún wá gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ sọ pé kó sanwó, èkejì sọ pé bóyá owó mìíràn ṣì ń bọ̀.

Ọkùnrin náà san 4,800 dọ́là lọ́jọ́ kejì, ó wá béèrè pé ínfọ́ísì wo ni òmíràn yẹn, owó kí ni. Kí á tó ka lẹ́tà rẹ̀, a ti fi ínfọ́ísì 0118 ránṣẹ́, 4,080 dọ́là. Lójú tiẹ̀, a ti ń béèrè 8,880 dọ́là fún ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 4,080. Ó bínú, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rín wá dé. Ọ̀kan nínú wa, obìnrin ni, kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kíákíá: “Estoy muy embarazada por este error.” Mo lóyún gidi gan-an nítorí àṣìṣe yìí. Ọkùnrin náà dáhùn pé òun kí i kú oríire, àmọ́ òun ń retí owó òun. A dá 720 dọ́là padà fún un. Iléeṣẹ́ ló gbé owó tí báǹkì gbà lórí ìfowóránṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà ní òun ò ní í sanwó mọ́ àfi tí ọjà bá dé ọwọ́ òun.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yẹn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Oyún ni wọ́n máa sọ! Títí dòní, oyún ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀, oyún ò mú kọ́bọ̀ lọ. Bí ọkùnrin yẹn ṣe kà á ló mọ̀ pé àṣìṣe ni, torí kò sẹ́ni tí ínfọ́ísì ń fún lóyún. “Cancele” ló mú 720 dọ́là rin ìrìn àlọ àti àbọ̀. Òun ló gba ìgbẹ́kẹ̀lé oníbàárà lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbí nìyí. Ọ̀rẹ́ ojú tó burú máa ń tú ara ẹ̀ fó, torí gbólóhùn ọ̀hún ò ní í bọ́gbọ́n mu. Èyí tó burú jù ni èyí tí gbólóhùn ẹ̀ ṣì dán mọ́rán lẹ́yìn tí ìtumọ̀ ti yí padà. “Ẹ fagi lé ínfọ́ísì” bọ́gbọ́n mu. “Ẹ san owó ínfọ́ísì” náà bọ́gbọ́n mu. Ta ló fẹ́ fura? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ wo “compromiso”. Nígbà tí ẹ̀ ń ná ọjà lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ ti ṣe tán láti ṣe “compromiso” lórí iye owó, ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé kí oníkálukú rọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ pàdé láàárín. Ohun tí ẹni tó ń kà á sábà máa rí ni ìlérí: ẹ ti di ara yín mọ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò elédè Sípáníìṣì fi ń kọ “sin compromiso” sábẹ́ iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́, pé ẹni tó béèrè iye ò tíì jẹ gbèsè ohunkóhun. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ fẹnu kò ni, “llegar a un acuerdo” lẹ máa kọ.

Ọ̀nà kejì náà ò sì dí. Elédè Sípáníìṣì tó ní “pretendemos pagar el viernes” ń sọ pé àwọn ní in lọ́kàn láti sanwó lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá wá kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé “we pretend to pay on Friday”, ohun tí ẹ máa kà ni pé wọ́n fẹ́ ṣe bí ẹni ń sanwó. Ẹ lè ti máa pe lọ́yà. Ọmọlúàbí tó fẹ́ san gbèsè ẹ̀ ni o.

Àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa là á yé èèyàn. Irọ́ kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó yí i ká ò lè gbà wá àfi tí ìtumọ̀ òdì ò bá bá ibẹ̀ mu. Lẹ́tà wa kọ́, ohun tó yí “cancele” ká tún ti ìtumọ̀ òdì náà lẹ́yìn ni. Àwọn mìíràn máa ní ìwé atúmọ̀ èdè wà ńlẹ̀. Ó wà lóòótọ́, ọ̀fẹ́ sì ni ti Real Academia Española, ní dle.rae.es. Tẹ́ ẹ bá wá “cancelar” níbẹ̀, ẹ máa bá ìtumọ̀ méjèèjì, fífagi lé nǹkan àti sísan gbèsè. Òótọ́ sì ni pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ wọ́pọ̀: tẹ́ ẹ bá “cancelar” ìpàdé, kò sẹ́ni tó máa ṣì yín gbọ́. Àmọ́ ìwé atúmọ̀ èdè ò lè yan ọ̀kan fún yín. Orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà ń lọ àti ohun tí ẹ̀ ń sọ ọ́ sí ló ń yàn án.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Tí a bá kọ lẹ́tà tán, a máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tó bá jọ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbólóhùn tó kan owó, ọjọ́ tàbí àdéhùn. Wọn kì í ju mẹ́rin, márùn-ún lọ. A máa wá wọn wò, a máa fi ìtumọ̀ kejì ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí gbólóhùn ọ̀hún bá ṣì dán mọ́rán, ibẹ̀ gan-an la ti máa ń yọ ọ̀rọ̀ náà dànù. A máa fi èyí tí kò ní ìtumọ̀ méjì rọ́pò rẹ̀, a óò tún sọ ohun tí a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ lónìí ni, báyìí la ò bá kọ ọ́:

“La factura 0117 tiene un error y queda anulada. No la pague. El lunes le enviaremos la factura 0118, por 4080 dólares, que la reemplaza.”

Ínfọ́ísì 0117 ní àṣìṣe, a ti fagi lé e. Ẹ má san án. Ọjọ́ Ajé la máa fi 0118 ránṣẹ́, iye rẹ̀ rèé, òun ló rọ́pò èyí. “No la pague” yẹn ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ká ní ó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni, “cancele” ì bá ya wèrè tó bó ṣe fẹ́, ọkùnrin yẹn ì bá béèrè kó tó sanwó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń to àwọn ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbé “embarazada” lọ sísàlẹ̀. Kò ní í bínú. Ẹ gbé “cancelar” wá sókè, kí “eventualmente” tẹ̀ lé e, kí “compromiso” tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé wọn kì í pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lọ bá ọkùnrin Mẹ́dẹ́yìn yẹn. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó ṣì ń béèrè àlàáfíà ọmọ.