Fọ́tò Oníbàárà Kì í Ṣe Ọjà Onísọ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ Mẹ́tà nítorí bó ṣe ń lo ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí àṣírí aráàlú ti ń tú lójoojúmọ́ kò jìnnà tó Amẹ́ríkà: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìpara ni, ilé onídìrí ni, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni.

Bí àpẹẹrẹ, kí obìnrin kan ní Àbújá lọ tọ́jú irorẹ́ ojú rẹ̀. Olùtọ́jú ya fọ́tò rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá ìpara náà ń ṣiṣẹ́, obìnrin náà sì gbà. Lẹ́yìn oṣù kan, fọ́tò ti dé orí Wọ́sáàpù olùtọ́jú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú owó sí gbajúmọ̀ kan lórí Ínsítágíráàmù, ẹni yẹn sì gbé e jáde bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣàwárí ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìtọ́jú nìkan ni obìnrin yìí yọ̀ǹda fọ́tò rẹ̀ fún. Abala 26 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 sọ pé ẹni tó ń lo ìwífún ni yóò fi ẹ̀rí ìyọ̀ǹda hàn, àti pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìwífún nípa ìlera sì tún ní ààbò tó le ju ti ìyókù lọ. Ọlọ́jà tó bá ń wí pé, "Kò kúkú sọ pé kí n má gbé e," kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Òfin náà fún obìnrin yìí ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n bí olùtọ́jú bá pa fọ́tò náà rẹ́ lójú ewé tirẹ̀, ti gbajúmọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn òǹwòran ti fi pamọ́ sórí fóònù wọn kò sì ṣe é kó padà. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ó sì jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ìtọ́jú, ọ̀kan fún ojú ewé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ẹni tí wọ́n sanwó fún.

Òǹwòran náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìpolówó tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ Mẹ́tà máa ń ní "Sponsored" lórí. Owó tó bá ti ọwọ́ ọlọ́jà bọ́ sọ́wọ́ gbajúmọ̀ ní kọ̀rọ̀, Mẹ́tà kò rí i, àyàfi bí gbajúmọ̀ bá fi "Paid partnership" sí i fúnra rẹ̀. Àwọn olóṣèlú pàápàá mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Bíbísì ròyìn ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń sanwó ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi kánjú láti fọwọ́ òfin mú un.

Ìtanràn tó lè kan ọlọ́jà kékeré lábẹ́ òfin yìí lè tó mílíọ̀nù 2 náírà. Ẹyọ ẹjọ́ kan péré, tí Àjọ Ìdáàbòbò Dátà bá ṣe é ní gbangba lórí ṣọ́ọ̀bù kan àti gbajúmọ̀ tó gbowó rẹ̀, yóò tètè dé etígbọ̀ọ́ àwọn onísọ̀ ju ẹjọ́ Mẹ́tà lọ.