Oníbodè Ọ̀fun

Ẹni tó bá fa sìgá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ kì í gbádùn rẹ̀. Ojú á ṣomi, ọ̀fun á máa ta bí ìgbà tí ata bá jó nínú iná, ikọ́ á sì gbé e. Iṣẹ́ ara nìyẹn. Ọ̀fun ni oníbodè ẹ̀dọ̀fóró, èéfín sì wà lára ẹrù tí kò fẹ́ kó kọjá. Ẹni tí oníbodè yìí bá lé padà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lè má gba ibẹ̀ mọ́ títí ayé, àwọn tó ń ṣe sìgá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ ni pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti ṣúgà inú sìgá, tí wọ́n ń pè ní adùn, jẹ́ ọgbọ́n méjì láti gba ẹnubodè náà kọjá. Òfin tó bá ń wo adùn àti òórùn wọn nìkan kò tíì wo ibi tí iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ara ewé míńtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n sì ń ṣe é nílé iṣẹ́ pẹ̀lú. Òun ló wà nínú róòbù tí à ń fi pa iwájú orí, òun ló sì wà nínú súìtì tí à ń lá nígbà tí imú bá dí. Ibi tí a bá fi róòbù pa á tutù nini, ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ìgbóná ara wọn ibẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ tó nǹkan. Iṣan tó ń ròyìn òtútù fún ọpọlọ ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù jí, ìyẹn sì ń pariwo òtútù níbi tí òtútù kò sí. Nínú ọ̀fun, ariwo yìí bo ìròyìn mìíràn mọ́lẹ̀, ìyẹn ìròyìn pé nǹkan ń ta, nǹkan ń jó. Àwọn onímọ̀ ti fi eku dán an wò. Eku tó bá fa akirólíìnì símú, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú ohun tó ń tani nínú èéfín sìgá, mímí rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù kún un, eku náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Akirólíìnì náà kò dín kù rárá. Oníbodè kò sùn o, ìlù ni wọ́n ń lù sí i létí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Òháyò ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lloyd Hughes gba ìwé àṣẹ lórí sìgá tí wọ́n fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí ní ọdún 1925. Nígbà tí sìgá Kool jáde ní 1933, ìpolówó ọjà rẹ̀ ń sọ ọ́ di ohun tó dára fún ọ̀fun tó ń dunni àti fún ẹni tí òtútù mú, bí ẹni ń polówó àgbo. Lóde òní, sìgá tí wọ́n bá kọ mẹ́ńtọ́ọ̀lù sí lára sábà máa ń ní tó mílígíráàmù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹyọ kan. Àwọn mìíràn wà tí hóró kékeré kan wà nínú ìdí wọn. Ẹni tó fẹ́ mu ún á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ tó fọ́, èéfín á sì tutù láti ibẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ti ṣúgà yàtọ̀, òun ló sì ṣòroó rí jù. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń dí oníbodè létí, ṣùgbọ́n ẹrù gan-an ni ṣúgà ń pa dà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aáṣáà ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kì í lọ tábà nìkan, wọ́n máa ń fi kánún sí i. Kánún ló ń tú nikotíìnì sílẹ̀ lára tábà, tí yóò fi gba awọ tín-ínrín inú imú wọlé kíákíá, òun náà ló sì ń mú kó ta, tí olúwarẹ̀ fi ń sín. Ibi tí kánún bá pọ̀ sí, nikotíìnì á le, á sì ta. Ibi tí ìkan bá pọ̀ sí, bí ìkan ọsàn wẹ́wẹ́, ìkan á so nikotíìnì mọ́lẹ̀, á sì rọ̀ ọ́. Bákan náà ni nínú èéfín. Èéfín tábà tí kò ní ṣúgà súnmọ́ ti kánún, ó ń ta lọ́fun, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mu ìkòkò tábà tàbí sìgá ńlá fi máa ń fi èéfín sẹ́nu, tí wọ́n á sì tú u síta láìfà á wọ àyà.

Wàyí o, bí ṣúgà bá jó pọ̀ mọ́ tábà, ìkan ló ń dà. Ọ̀kan nínú ìkan wọ̀nyí ni ti ọtí kíkan, òmíràn sì ni irú èyí tó wà nínú oró èèrà. Wọ́n so nikotíìnì mọ́lẹ̀, èéfín náà kò wá fi bẹ́ẹ̀ ta mọ́, ọ̀fun gbà á, ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ibẹ̀ ni àrékérekè náà wà. Omi ara tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ń pa ìkan náà, nikotíìnì á tún gba òmìnira, á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń dé ọpọlọ. Ohun tí ṣúgà fi pa mọ́ lẹ́nubodè, ó dá a padà nínú ilé. Àti pé ṣúgà tó jó kò dà bí èyí tí à ń pò sínú tíì. Lára ohun tó ń mú jáde ni akirólíìnì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan àti fọ́málídíháìdì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́málììnì ilé ìgbókùúsí.

Àwọn oníṣòwò yóò sọ pé ṣúgà ti wà lára ewé tábà láti oko, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ewé tí wọ́n ń pè ní Fajíníà ni wọ́n ń fi ooru gbẹ nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ooru náà ń dá ewé dúró kó tó jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán, ó sì lè ṣẹ́ kù tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ewé náà. Ewé Bọ́lì ni wọ́n ń so rọ̀ sí atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kó tó gbẹ, ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sìgá bíi Camel, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1913, po Bọ́lì tí wọ́n rẹ sínú omi adùn mọ́ ewé mìíràn, ọ̀pọ̀ sìgá ayé sì tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀. A gbà pé sìgá Fajíníà nìkan, irú èyí tí wọ́n ń mu ní Bìrìtìkó àti Kánádà, kò nílò ṣúgà àfikún púpọ̀, ó sì ń de èèyàn mọ́lẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n ka ṣúgà àfikún léèwọ̀, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ń tan ara rẹ̀. Ìkan èéfín gan-an ni kí wọ́n wọ̀n, láìka ibi tó ti wá sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bùràsíìlì fi bí èyí ṣe le tó hàn. Ní ọdún 2012, Anvisa, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ níbẹ̀, fòfin de mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti ọ̀pọ̀ àfikún mìíràn nínú sìgá. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ṣúgà sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ sìgá máa fi dá èyí tó bá ewé gbígbẹ lọ padà. Ìdí ni pé Bọ́lì jẹ́ ọjà ńlá fún àwọn àgbẹ̀ gúúsù ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, ìyọ̀ǹda yẹn kò tẹ́ àwọn oníṣẹ́ sìgá lọ́rùn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ní oṣù kejì ọdún 2018 sì ni ìbò àwọn adájọ́ pín sí márùn-ún sí márùn-ún. Òfin náà kò kú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò di kàn-ń-pá fún àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ sì ti gba àṣẹ ìdádúró.

Kalifọ́níà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó tún mú ju èyí lọ. Àwọn ará ìlú dìbò, òfin sì mú títa sìgá olóòórùn àti ti mẹ́ńtọ́ọ̀lù kúrò ní ìparí ọdún 2022. Kò pẹ́ tí sìgá tuntun fi dé orí àtẹ, tí wọ́n pè ní èyí tí kì í ṣe ti mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò bá èròjà kan nínú àwọn kan, WS-3 lorúkọ rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan, kò rùn bíi míńtì, ṣùgbọ́n ó ń jí iṣan òtútù kan náà. Ẹni tó ń gbóòórùn kò rí nǹkan kan mú. Ọ̀fun nìkan ló lè jẹ́rìí. Ìpínlẹ̀ náà tún òfin kọ, láti 2025 sì ni ohunkóhun tó bá ń fúnni ní ìmọ̀lára òtútù ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ra ọgbọ́n yìí. A kò rí ìdí tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ tún un rà.

Wọ́n á ní sìgá onímẹ́ńtọ́ọ̀lù kò pani ju sìgá mìíràn lọ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ bí a bá gbé ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyọ kan, nítorí ìwádìí kò fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ jù lára àwọn tó ń mu ún. Ṣùgbọ́n a kò fẹ̀sùn májèlé kan mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ẹ̀sùn wa ni pé ó ń mú kó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń mú kó ṣòro láti jáwọ́. Wọ́n á tún ní ọjà fàyàwọ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Kánádà fi òfin dè é jákèjádò ní 2017. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn tó ń mu ún tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 22 nínú 100 ti jáwọ́ nínú sìgá pátápátá, nígbà tí àwọn tó ń mu sìgá mìíràn kò ju 15 lọ. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì ń rí mẹ́ńtọ́ọ̀lù rà, èyí tó pọ̀ jù sì kàn bọ́ sórí sìgá mìíràn ni. Ṣé torí èyí ni ká fi sọ pé ti àwọn tó jáwọ́ kò jẹ́ nǹkan?

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn náà gbà ní ìlú Punta del Este ní 2010 dárúkọ ṣúgà àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ó sì ní kí wọ́n dín ohun tó ń mú sìgá dùn-ún fà kù tàbí kí wọ́n fòfin dè é. A fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ní Àbújá ka ìlànà yẹn bí Kalifọ́níà ṣe wá ka òfin tirẹ̀ níkẹyìn: kí wọ́n fa sìgá lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n wọn ìkan èéfín rẹ̀, kí wọ́n yẹ gbogbo èròjà tó ń jí iṣan òtútù wò, ìyówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan á ní kíkọ àkójọ èròjà sára páálí ti tó. Òfin ọdún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ, síbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ní ìkóríta, ẹyọ kan ni ọ̀dọ́ ń rà, ó ń fi iná ẹni tó tà á fún un tàn án, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Páálí wà nínú àpótí òǹtajà, kò fojú kàn án rí.