Tẹ́dì Kò Gbọdọ̀ Bá Ọmọ Ọwọ́ Sùn

Àwòrán ara páálí bẹ́ẹ̀dì ọmọ máa ń wu ojú. Ọmọ jòjòló sùn fọnfọn, ìrọ̀rí kékeré wà lábẹ́ orí rẹ̀, búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé àgbọ̀n, tẹ́dì aláwọ̀ búráùn sì fẹ̀yìn ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ àbúrò. Ìyá tó gbé páálí náà délé ń fẹ́ kí yàrá ọmọ tòun rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun mẹ́ta ló wà nínú àwòrán yẹn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, àti pé tẹ́dì tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni ìkẹta wọn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó gùn, ẹ jẹ́ kó yé ara wa. Ohun ìṣeré rírọ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí ibùsùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjìlá nígbà tó bá ń sùn. Kékeré kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, ńlá kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí màmá àgbà fi ránṣẹ́ láti òkè òkun náà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá ńkọ́? Òun náà kò yọ sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le láti lóye. Ọmọ oṣù mẹ́rin lè di nǹkan mú, ó sì lè fà á wá sójú, ṣùgbọ́n agbára àtimú un kúrò lójú kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wọ inú ohun rírọ̀, èémí tó mí síta kò ráyè lọ. Yóò dúró sínú irun àti òwú tẹ́dì náà, ọmọ yóò sì tún fà á símú padà. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń lò lálòtúnlò, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù. Àgbàlagbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò ta jí, yóò yí orí. Ọmọ ọwọ́ lè má ta jí rárá. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò ní ké. Ìyá tó wà ní pálọ̀ yóò máa dúpẹ́ pé lónìí ọmọ yìí mà sùn dáadáa.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, tún ìlànà wọn lórí oorun ọmọ ṣe ní ọdún 2022. Wọ́n kà á síbẹ̀ pé nǹkan bí 3,500 ọmọ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè náà ló ń kú lójú oorun lọ́dọọdún, wọ́n sì ní kí ìrọ̀rí, búláńkẹ́ẹ̀tì àti ohun ìṣeré rírọ̀ kúrò lórí ibùsùn ọmọ. Lóòótọ́, kì í ṣe tẹ́dì ló pa gbogbo wọn. Àmọ́ ibùsùn tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju tìmùtìmù líle àti aṣọ tó fún mọ́ ọn dáadáa wà lára ohun tí òbí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lálẹ́ òní, láìná kọ́bọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de fóòmù tí wọ́n máa ń so yíká inú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Òfin lè yọ fóòmù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí òfin tó lè wọ yàrá ẹni lọ yọ tẹ́dì.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó dára fún ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́. Ohun tí àkọlé yẹn ń sọ ni pé wọ́n yẹ ohun ìṣeré náà wò bí ohun ìṣeré: bóyá ojú rẹ̀ lè já kó bọ́ sí ọmọ lọ́fun, bóyá iná lè tètè ràn án, bóyá májèlé wà nínú àwọ̀ tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọmọ tó lajú sílẹ̀, tí àgbà jókòó tì, ni wọ́n ní lọ́kàn. Àkọlé náà kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tó ń sùn lóun nìkan nínú òkùnkùn, ẹni tó ń tajà sì mọ̀ pé òbí kì í béèrè.

Àwíjàre kejì ni èyí tí gbogbo ìdílé mọ̀: "Tèmi sùn tì í, kò sí nǹkan tó ṣe é." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sáré kọjá títì márosẹ̀ lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó tí mọ́tò kankan kò gbá. Wọ́n ń rìn kiri láàárín wa. Àwọn tí mọ́tò gbá kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn.

Ibi tí àríyànjiyàn yìí ti dùn ni pé ọmọ Yorùbá tó dàgbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í sábà béèrè tẹ́dì. Òórùn ìró ìyá ni tẹ́dì tirẹ̀. Dókítà ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Donald Winnicott, ló sọ̀rọ̀ ní ọdún 1951 nípa aṣọ tàbí bèbí tí ọmọ máa ń dì mú láti fi rọ́pò ìyá tí kò sí nítòsí. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé níbi tí ọmọ bá ti ń sùn mọ́ ìyá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ tí kò ní tẹ́dì. (Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí gbé ọmọ ọwọ́ sáàárín ìrọ̀rí lórí bẹ́ẹ̀dì àgbà. Yàrá kan náà ni àwọn dókítà ní kí ẹ jọ sùn, wọn kò ní kẹ́ ẹ jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.)

Àmọ́ ìyá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ti ń sùn lórí ibùsùn tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ títí dé ọdún kan àtààbọ̀ ni ẹkún ìyapa máa ń gbóná jù, tí ìyá kò lè wọ ilé ìwẹ̀ kí ọmọ má figbe ta. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọmọ lè dì mú wúlò. Láàárín oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, ọ̀sán ni kó wà fún, lójú àgbà. Bí oorun bá ti gbé ọmọ lọ, kí wọ́n rọra yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá pé ọdún kan, ó ti lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó ti lè dìde jókòó, ó sì lè ti nǹkan kúrò lójú. Ìgbà yẹn ló lè bá a wọ ibùsùn. Ọmọ tí wọ́n bí láìtíì pé oṣù, tàbí tí mímí tàbí ara rẹ̀ kò dá pé, kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan pé ọdún kan lọ́jọ́ Sátidé. Èwo ni wọ́n máa rà fún un? Èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ púpọ̀. Tẹ́dì ńlá ni àkàbà tí ọmọ máa ń gùn láti fi re kọjá irin bẹ́ẹ̀dì. Kí ojú àti imú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú rán sára, kì í ṣe bọ́tìnì. Kó má ní ríbọ́ọ̀nù lọ́rùn, kó má ní bátìrì nínú, kó má sì ní hóró wẹ́wẹ́ tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ níkùn. Kí bàbá fa etí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fà á já. Èyí tó bá máa já, kó já sí i lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohunkóhun tó bá já kúrò lára rẹ̀ tó sì lè gba inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù ilé ìwẹ̀ mọ́ kọjá, ó lè há sí ọmọ lọ́fun.

Méjì tó jọra ni kí wọ́n rà. Kí ìyá fi ọ̀kan sábẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀ fún alẹ́ méjì, kí òórùn rẹ̀ lè mọ́ ọn. Láti ọjọ́ Ajé, kí tẹ́dì máa bá wọn jókòó nígbà tí ọmọ bá ń mu wàrà àti nígbà tí wọ́n bá ń pa àlọ́ fún un. Bí ọmọ bá sọ ọ́ nù, kí wọ́n má bá a jà. Ọ̀la ń bọ̀. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó ti ń nawọ́ sí i fúnra rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá a sun oorun ọ̀sán, nígbà tí ẹnì kan wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ti alẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni kí wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá fẹ́ ẹ, yóò fà á.

Ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ náà kọ tẹ́dì, kó ní ìró ìyá òun lòun fẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n odindi ìró lè wé mọ́ ọrùn. Kí wọ́n gé àǹkárá tó ti gbó tó sì rọ̀ ní ìwọ̀n áńkáṣíìfù, kí wọ́n sì rán etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, nítorí òwú tó tú lè lọ́ mọ́ ìka ọmọ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá ra méjì, kí wọ́n má fi ọ̀kan pamọ́ sínú àpótí títí ekejì yóò fi sọnù nínú ọkọ̀. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Bruce Hood àti Paul Bloom, ṣe bí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè ṣe ẹ̀dà ohun tí ọmọdé fẹ́ràn. Àwọn ọmọ kan kò jẹ́ kí bèbí wọn wọ inú ẹ̀rọ náà rárá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà sì ní ògidì làwọn ń fẹ́ padà. Ọmọ mọ tirẹ̀. Kí wọ́n máa pààrọ̀ méjèèjì lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kí òórùn wọn àti gbígbó wọn lè dọ́gba. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ni kí wọ́n fọ èyí tó dọ̀tí, kí wọ́n wo ojú rírán rẹ̀ bóyá ó ti ń là, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí òwú inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé tẹ́dì wá síbi ìkómọ ló kù. Kí ìyá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kó dúpẹ́, kó sì gbé e sókè wọ́dúróòbù níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti ní yá jù. Kó mú bébà kékeré kan, kó kọ déètì ọjọ́ tí ọmọ yóò pé ọdún kan sí i, kó sì fi pín-ìnì gún un mọ́ ọn létí. Bí màmá àgbà bá béèrè ìdí tí tẹ́dì fi ń jókòó lókè bí ẹni tó jẹ gbèsè, kó ka déètì náà fún un.