Máàkì tí kò sí nínú ìwé tẹ́ńdà

Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ jáde, tí a sì gbọ́ orúkọ ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ta ni ó mọ̀, ẹgbẹ́ wo ni ó sì ń ṣe? Àwa kò sọ pé ìbéèrè náà kò tọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bèèrè, inú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí, bí ẹnì kankan kò tilẹ̀ gba rìbá. Ìwé náà ni ìwé máàkì tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìyẹ̀wò ń yọ jáde láti inú ìwé tẹ́ńdà, èyí tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò fi díwọ̀n ohun tí olúkúlùkù olùdíje kọ wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ yé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìdánwò pé ìbéèrè kẹta ní máàkì 10, olùkọ́ kan kò lè dúró títí àwọn ọmọ yóò fi kọ ìdáhùn wọn tán, kí ó tó wí pé máàkì 30 ni òun yóò fún un. Ohun tí Òfin Ìrajà Ìjọba ti ọdún 2007 wí nìyẹn, ní ìsọ̀rí 32: a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tàbí òṣùwọ̀n mìíràn yẹ ìwé àwọn olùdíje wò, àfi èyí tí a ti kọ sínú ìwé tí a fi pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní ìjọba ń wá ilé iṣẹ́ àwọn amòye tí yóò máa bójú tó kíkọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ìwé tẹ́ńdà wí pé ìrírí ilé iṣẹ́ náà ní máàkì 10, ọ̀nà tí yóò gbà ṣe iṣẹ́ ní 30, àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ sì ní 60. Nínú 60 yìí, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní 30, ẹnjiníà ní 20, ẹni tí ń ṣírò iye owó ilé sì ní 10. Ẹni tí kò bá ní tó 75 nínú 100, a kò ní ṣí àpòòwé owó rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ní láti ṣe ni kí ó ka gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo ìwé àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn olùdíje lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó kọ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí a ti kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú máàkì rẹ̀ àti ojú ìwé tí ó ti rí i. Èyí tí kò bá ti ní ojú ìwé tí a lè tọ́ka sí, kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé máàkì.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ya àwọn ohun tí a kì í fún ní máàkì sọ́tọ̀. Ìwé ẹ̀rí owó orí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yálà olùdíje ní in tàbí kò ní in; bí kò bá ní in, ó ti jáde. Bí akọ̀wé bá wá fún un ní máàkì 5, ó ti sọ ẹni tí kò yẹ kí ó wọlé di ẹni tí ó pàdánù máàkì 5 péré.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ibi tí ìwọ̀n wà nínú ìwọ̀n. Bí ìwé tẹ́ńdà bá wí pé nínú máàkì olórí àwọn òṣìṣẹ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìdá 70 ti iṣẹ́ irú èyí tí ó ti ṣe rí, ìdá 10 sì jẹ́ ti mímọ̀ tí ó mọ àdúgbò, inú 30 ni a óò ti yọ ọ́: máàkì 6, máàkì 21 àti máàkì 3. Ẹni tí ó bá kọ 20, 70 àti 10 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fún ẹnì kan ṣoṣo ní máàkì 100. Àmì tí a ó fi mọ̀ kò le: kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá jẹ́ 100 géérégé, kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí ìròpọ̀ kò lè tú fó. Ká ní ìwé tẹ́ńdà kọ́kọ́ wí pé ìmọ̀ iṣẹ́ ní 70, owó sì ní 30, tí ìwé àtúnṣe sì sọ wọ́n di 80 àti 20. Ilé iṣẹ́ kìíní gba 90 nínú ìmọ̀ iṣẹ́, ó sì bèèrè mílíọ̀nù 60 náírà. Èkejì gba 80, ó sì bèèrè mílíọ̀nù 45. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù gba 100 lórí owó; nítorí náà ilé iṣẹ́ kìíní gba 75, nítorí pé 45 jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti 60. Bí a bá tẹ̀lé ìwé àtúnṣe, kìíní ní 72 àti 15, èyí tí í ṣe 87. Èkejì ní 64 àti 20, èyí tí í ṣe 84. Kìíní ni ó gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá gbàgbé ìwé àtúnṣe, kìíní yóò ní 85.5, èkejì yóò sì ní 86. Iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìṣirò náà sì pé.

Kí wá ni ṣíṣe bí ìwé tẹ́ńdà kò bá sọ ìwọ̀n rárá? Ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì yóò kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2004, ìgbìmọ̀ ìlú Alẹkisandirópólísì pe àwọn amòye láti wá ya àwòrán ìlú fún apá kan ìlú náà. Wọ́n kọ òṣùwọ̀n mẹ́ta sílẹ̀ bí wọ́n ti ṣe pàtàkì sí: ìrírí ní ọdún mẹ́ta tí ó kọjá, òṣìṣẹ́ àti ohun èlò, àti agbára láti parí iṣẹ́ lásìkò. Wọn kò sọ iye máàkì. Ilé iṣẹ́ mẹ́tàlá ni ó jẹ́ ìpè náà. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ń yẹ ìwé wọn wò ni wọ́n tó pinnu pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 60, 20 àti 20. Wọ́n tún pinnu pé iye owó iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe rí ni a óò fi mọ ìrírí rẹ̀: ẹni tí tirẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún 500 owó yúrò lọ kò gba nǹkan kan, ẹni tí tirẹ̀ ju mílíọ̀nù 12 lọ sì gba 60. Ọ̀ràn náà dé Ilé-Ẹjọ́ àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n sì dá a ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2008 pé ohun tí ìgbìmọ̀ náà ṣe kò bófin mu, nítorí pé ó yẹ kí àwọn olùdíje ti mọ ìwọ̀n wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ń múra ìwé wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, bí akọ̀wé bá rí àlàfo nínú ìwé tẹ́ńdà, kí ó má ṣe fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dí i. Bí ọjọ́ ìgbàwé kò bá tíì pé, kí a fi ìwé àtúnṣe kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje, kí a sì fún wọn ní àyè láti tún ìwé wọn ṣe. Bí a bá ti ṣí ìwé wọn, ó ti pẹ́ jù láti dá ìwọ̀n tuntun sílẹ̀. Ó sàn kí a tún iṣẹ́ náà pè ju kí a fi ẹ̀tọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn lọ.

Ohun tí àwa ń bèèrè fún kò pọ̀. Kí a ṣe ìwé máàkì tán kí a tó ṣí ìwé olùdíje kankan, kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ojú ìwé tẹ́ńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tí inú wọn ń dùn nítorí pé ẹgbẹ́ wọn ni ó ń ṣe ìjọba má ṣe rò pé ọ̀ràn yìí kò kàn wọ́n. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.