Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Ẹni Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Sólà

Òwe kan wà tí àwa oníṣẹ́ iná ní Alímọ̀ṣọ́ fi ń gbèjà ara wa: "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi." Ẹ yà síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀gá á dìde, á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò bátìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní dúró, kò ní wẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá ní kó tún un sọ, wọ́n á ní onítọ̀hún ń sùn. Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá dúró láti kó ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n á ní ó ń fi àgbàlagbà ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tàbí pé iṣẹ́ náà kò dá a lójú. Irọ́ ni, mo sì mọ ohun tí irọ́ náà ń bà jẹ́.

Ẹ tún òwe yẹn gbọ́. Kí ló ń sọ àbọ̀ di odindi? Àbọ̀ kejì ti wà nínú ọmọlúwàbí náà tẹ́lẹ̀ ni. Bí ìyá bá ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ á fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú àwo, nítorí wọ́n ti bá a sọ ọ́ nílé. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ wọ́ọ̀tì àti wọ́ọ̀tì-wákàtí rí, kí ló wà nínú rẹ̀ tó máa fi parí tiwa?

Èmi náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Mo mú ilé yàrá-àti-pálọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ: fáànù méjì tó ń jẹ 60 wọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, gílóòbù mẹ́rin tó ń jẹ 10, tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ 80. Mo ro wọ́n pọ̀ sí 240, mo bọ́ sórí wákàtí, mo bọ́ sórí bátìrì, mo jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo pín bébà fún wọn láti ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ló kọ 240 sí ibi tí bátìrì yẹ kó wà. Bàbá kan wà nínú wọn tó ti ń wáyà ilé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di tẹ́sítà mú. Ṣé Bàbá ló gọ̀ ni?

Nọ́ńbà tí mo dà lé wọn lórí lé ní mẹ́wàá, láìmí. Nelson Cowan, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 2001 pé nǹkan bíi mẹ́rin péré lọkàn èèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kàwé á ṣí ojú ìwé padà. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní ojú ìwé kankan, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí nọ́ńbà pọ̀, wọ́n di àkọ́kọ́ tó dá ṣáká mú: 240.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ilé ń fà bí gbogbo nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀: fáànù 120, gílóòbù 40, tẹlifíṣọ̀n 80. Mo dúró. "A ti ní 240. Òun ló máa bá wa yan ìnfátà. Kò kan bátìrì." Mo nu ìyókù kúrò lójú pátákó.

Lẹ́yìn náà ni mo mú wákàtí wọlé. Fáànù máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, ìyẹn 960. Gílóòbù máa tàn fún 5, ìyẹn 200. Tẹlifíṣọ̀n máa ṣiṣẹ́ fún 5, ìyẹn 400. Mo tún dúró. "240 jẹ́ ti ìnfátà. 1,560 ló ń lọ sọ́dọ̀ bátìrì." Mo nu pátákó, 1,560 nìkan ló kù.

Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú iná, nítorí náà mo gbé 1,560 lọ sí 1,800. Bátìrì olómi kò sì fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ (ti lítíọ́ọ̀mù yàtọ̀, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ọ́). Ẹni tó bá fẹ́ lo 1,800 ní láti ra 3,600. "Kí la ń wá? Bátìrì tó gba 3,600." Bátìrì olófóòtì 12 tó jẹ́ 200 ámpù-wákàtí ń gba 2,400. Ẹyọ kan kò tó. Méjì gba 4,800, ó tó.

Ẹ wo ohun tí ìdúró yẹn ń ṣe. Kò tún ẹ̀kọ́ kọ́. Ó mú nọ́ńbà kan, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ìyókù lọ. Ọ̀gá tó ń tún gbogbo rẹ̀ sọ láti orí dé ìrù, òun ló ń sú èèyàn, mo fara mọ́ àwọn tó ń kùn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó pe ohun tí ilé ń fà ní "ẹrù" níbẹ̀rẹ̀, tó wá di "lóòdù" nígbà ìkójọ, tó di "ohun tí ilé ń jẹ" níparí. Ohun kan ló ń sọ, mẹ́ta ni olùgbọ́ ń kà.

Wọ́n ní òyìnbó ló kọ́ wa ní kíkó ọ̀rọ̀ jọ báyìí. Níbi ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, bí gbólóhùn bá ti parí, àwọn awo á gbè é ní "hin." Bí ẹni tó ń sun ún bá ṣì í sọ, wọn kò ní gbè é, wọ́n á ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló wá ń pe babaláwo ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Kọ́ńdọ́tọ̀ tó ń lọ láti Ìkòtún sí Ìyànà-Ìpájà pàápàá ti pariwo Ìdímù kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, ó sì tún ń pariwo rẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. Ẹni tí kò sọ̀ ló ń bú.

Àwọn mìíràn ní àwọn kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ń béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Ní ilẹ̀ wa! Ta ló fẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ pé kò yé òun? "Ó yé wa, sà" ni wọ́n máa dáhùn, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti sọnù láti ìṣẹ́jú kejì. Ìbéèrè tó wúlò ni èyí tí wọn kò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn.

Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà fún wọn. Mo ti kọ́ wọn pé bátìrì la ń kọ́kọ́ so mọ́ kọntiróólà kí a tó so pánẹ́ẹ̀lì, nítorí ara bátìrì ni kọntiróólà ti ń mọ̀ bóyá fóòtì 12 tàbí 24 lòun ń bá ṣiṣẹ́. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣáájú, kọntiróólà lè ṣì í mọ̀, ó sì lè jó. N kò ní kí wọ́n kà á fún mi. Mo bi wọ́n pé: bí a bá fẹ́ tú u, kí la máa kọ́kọ́ yọ?

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, Bàbá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ló nawọ́. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn ní bó bá jẹ́ òru ńkọ́, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì kò mú iná wá? Mo fẹ́ dáhùn, Bàbá ṣíwájú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá yọ bátìrì lóru, tí o fi pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, tí o lọ sùn, oòrùn ò ní dúró dè ọ́ kó tó yọ."