Ìwé Tí Kò Sí Nílé Ayé

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ má fi fóònù ṣe ẹlẹ́rìí yín.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́ níbí jọ ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ogun Núpé ní Àkókó. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé lórí fóònù fún wa ní ẹ̀rí kan: àpilẹ̀kọ Sámúẹ́lì Jọ́ńsìn, 1934, nínú ìwé àtìgbàdégbà Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà, ojú ìwé 45 sí 61. Ó dùn ún wò!

Jọ́ńsìn wà lóòótọ́, ìwé àtìgbàdégbà náà sì wà. Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ sá pamọ́ sí. Ọdún 1901 ni Jọ́ńsìn kú. Ìyẹn nìkan ò tó o, torí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àmọ́ ọdún 1956 ni ìwé àtìgbàdégbà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Báwo ló ṣe máa gbé àpilẹ̀kọ jáde ní 1934?

Ọ̀rẹ́ mi ní ká bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni. Mo ní rárá. Agbẹjọ́rò kan ní Niú Yọ́ọ̀kì bi í bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ẹjọ́ tó kó fún un, ó ní òótọ́ ni. Irọ́ ni wọ́n. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ ní kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ san ìtanràn 5,000 dọ́là.

Bí ọdún bá tiẹ̀ bára mu, ẹ wá ẹ̀dà náà, kí ẹ ṣí ojú ìwé yẹn gan-an. Bí kò bá sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì pè é nírọ́; ìwé àtijọ́ púpọ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì Àkùngbá kó bá yín wo ilé-ìkàwé.

Èyí tí ẹ kò bá fojú rí, ẹ yọ ọ́ kúrò.