Lẹ́yìn Ìpàtẹ Iṣẹ́: Ímeèlì Tí Ọ̀gá Lè Fi Ránṣẹ́ Síwájú

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìpàtẹ iṣẹ́ bá wáyé, òṣìṣẹ́ tó ti jókòó sídìí tábìlì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Àìmọye ọ̀dọ́ ló ti kí i, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n di fáìlì mọ́yà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: “Ma, iṣẹ́ ni mò ń wá.” Ẹ̀rín músẹ́ tó rín sí yín kò túmọ̀ sí pé ẹ ti di ojúlùmọ̀, káàdì tó fún yín náà kò sì túmọ̀ sí i. Ímeèlì tí ẹ bá kọ sí i lẹ́yìn náà ni yóò pinnu bóyá yóò tún mọ̀ yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá pàdé níbi ìpàtẹ kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ló ti wá. Ọ̀gá tó nílò ènìyàn wà ní fákìtọ̀rì tàbí ní ọ́fíìsì mìíràn, kò rí yín rí, kò sì gbọ́ ohùn yín. Nítorí náà, ènìyàn méjì ni yóò ka ímeèlì yín bí ó bá dára: ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó máa fi ránṣẹ́ sí. Bí lẹ́tà yín kò bá yé ẹnì kejì yìí láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ jókòó ṣàlàyé rẹ̀, kò ní kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ímeèlì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ kí ẹ tó délé. Gbàrà tí ẹ bá ti kúrò nídìí tábìlì kan, ẹ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn káàdì tàbí sínú fóònù: orúkọ ẹni náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pè é, ohun kan pàtó tó sọ nípa iṣẹ́ wọn, àti ohun tó ní kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá ní ẹ ó kọ ọ́ tí ẹ bá délé, tábìlì mẹ́wàá á ti dàpọ̀ mọ́ra lórí yín. Bí kò bá ní káàdì, tó jẹ́ pé ẹnu ló fi sọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ẹ kà á padà fún un létí rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Yorùbá tí a kọ láìsí àmì rọrùn láti ṣì kọ, lẹ́tà kan péré sì ti tó láti mú kí Gmail dá ímeèlì náà padà pẹ̀lú àkọlé `Address not found`, ìyẹn bí kò bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ tó jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Bísí Àjàyí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ ní Èkó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ìdí tábìlì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀, ká pè é ní Ìyáàfin Ọ̀gúndípẹ̀, sọ fún un pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní fákìtọ̀rì àwọn ní Ṣàgámù, pé ẹni tó lè yẹ ọjà wò lóru láìsí ọ̀gá nítòsí ṣòroó rí. Ó ní kí Bísí kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn nípa iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni gbogbo ọrọ̀ tí Bísí gbé kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ ọ́ sínú ímeèlì àfi ẹni tó dúró síwájú obìnrin náà tó sì tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá kọ ní ipò rẹ̀: wọ́n á ní “Sir/Ma”, wọ́n á gbàdúrà pé kí lẹ́tà náà bá a ní àlàáfíà, wọ́n á ní àwọn jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, wọ́n á wá sọ pé bàbá àwọn ti kú, pé àwọn ni àkọ́bí, kí ma jọ̀ọ́ ṣàánú àwọn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìkíni o. Inú ìkíni ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ẹni tí kò bá kí àgbà kó tó sọ tẹnu rẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Àmọ́ “Sir/Ma” yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lánàá, tó wá ń kọ̀wé sí i lónìí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó ti fi hàn pé lẹ́tà kan náà ni òun pín káàkiri. Ẹ pè é ní orúkọ tó fi ara rẹ̀ hàn yín. Bó bá ní kí ẹ máa pe òun ní orúkọ àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń ṣe, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì sọ nǹkan kan, “Ìyáàfin” àti orúkọ ìdílé kò lè bí i nínú. Ìkíni kan ti tó. Ní ti ẹ̀bẹ̀, ẹ rántí ẹnì kejì tí yóò ka lẹ́tà náà. Ìyáàfin Ọ̀gúndípẹ̀ lè káàánú yín tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìtàn ikú bàbá yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá fákìtọ̀rì pé ìdí rèé tí ó fi yẹ kó pè yín.

Ìlà àkòrí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, orí fóònù ni wọ́n sì ti sábà máa ń rí i, níbi tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ti ń hàn kí ìyókù tó gé. Ohun tó wúlò jù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: “Bísí Àjàyí, àyẹ̀wò ọjà lóru, Ṣàgámù, ìpàtẹ Ọjọ́bọ̀”. Bí ìparí rẹ̀ bá gé, kò sí ewu. “Mo ń wá iṣẹ́” tàbí “Ẹ kú ìgbà díẹ̀” kò lè ran ẹni tó ń wá lẹ́tà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni Bísí yóò fi kọ lẹ́tà rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́ náà, àmọ́ ohun tó yẹ kó sọ rèé:

“Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Ọ̀gúndípẹ̀. Èmi ni Bísí Àjàyí, tí a jọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ lánàá nípa iṣẹ́ alẹ́ ní fákìtọ̀rì yín ní Ṣàgámù. Ẹ ní ẹni tó lè yẹ ọjà wò lóru láìsí ọ̀gá nítòsí ṣòroó rí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun mímu kan ní Àgbárá, mo sì ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún oṣù méjì nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń wọn ṣúgà àti kíkan ohun mímu náà ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí mo sì ń dá iṣẹ́ dúró bí wọn kò bá bọ́ sí ibi tó yẹ. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì yín bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ni 4471. Oṣù Kẹwàá ni màá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ǹjẹ́ ẹ máa ń wo ìwé ẹni tí kò tíì parí, àbí kí n dúró di ìgbà náà? Mo so sí-fíì mi mọ́ ọn. Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.”

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló kù. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìbéèrè tí obìnrin náà lè fi gbólóhùn kan dáhùn láàárín ìpàdé méjì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́” kò ní ìdáhùn kúkúrú, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dá a lóhùn. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà kò sì kéré: ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, bí orúkọ yín kò bá sí lórí ìkànnì, kò sí bí wọ́n ṣe lè pè yín, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn yín tó. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé.

Ọ̀la ìpàtẹ gan-an ló dára jù láti fi í ránṣẹ́, ó pẹ́ tán ọ̀túnla rẹ̀. Bó bá jẹ́ òru ni ẹ parí rẹ̀, `Schedule send` lórí Gmail lè mú un dúró di àárọ̀. Sí-fíì náà ní láti jẹ́ PDF, kí orúkọ yín sì wà lára orúkọ fáìlì náà, bíi `Bisi_Ajayi_CV.pdf`. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó ti kó fáìlì ogún sí kọ̀ǹpútà, tí mẹ́jọ nínú wọn ń jẹ́ `CV_new.pdf`. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìtọ́ka Google Drive ránṣẹ́ dípò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbàgbé láti ṣí i sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó wá jẹ́ `Request access` ni ọ̀gá náà máa bá pàdé. Kò ní béèrè. Ẹ má so ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà NIN mọ́ ọn rárá: kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ní ìpele yìí, àwọn gbájú-ẹ̀ ló máa wúlò fún.

Ní ti àwọn gbájú-ẹ̀ yìí, ẹ ṣọ́ra lẹ́yìn ìpàtẹ, nítorí ìwé tí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sí lẹ́nu ọ̀nà lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gba ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ wo ohun tó tẹ̀lé `@` nínú àdírẹ́sì náà, kí ẹ fi wé ti orí káàdì, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí wọ́n bá ti ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó àyẹ̀wò ara, ẹ má dáhùn mọ́.

Bí èsì kò bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti tẹ `Reply`, kí ti tẹ́lẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbólóhùn méjì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má pe nọ́ńbà orí káàdì lálẹ́, ẹ má sì wá a lọ sí WhatsApp. Bó bá sì fèsì pé kò sí àyè báyìí, ẹ dúpẹ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè kọ̀wé nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, kí ẹ dárúkọ oṣù náà. Bó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ẹ kọ oṣù náà sórí kàlẹ́ńdà fóònù yín kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, torí orí ímeèlì kan náà yìí ni ẹ óò padà sí.